Ìṣirò Nǹkan Oṣù Kì Í Ṣe Ìṣirò Ọjọ́ Ọjà

Láàárín àwa akẹ́kọ̀ọ́ ní Adó-Èkìtì, ọ̀pọ̀ ló gbà pé ọjọ́ kẹrìnlá nìkan ni obìnrin lè lóyún, pé ìyókù kò léwu. Èrò wa ni pé ìgbàgbọ́ yìí ń ṣi èèyàn lọ́nà, àti pé ẹni tó bá fẹ́ fi kàlẹ́ńdà ṣọ́ra gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ bí a ṣe ń ka ọjọ́ ọ̀hún.

Ẹyin máa ń jáde ní nǹkan bí ọjọ́ mẹ́rìnlá kí nǹkan oṣù tó ń bọ̀ tó dé, kì í ṣe ọjọ́ mẹ́rìnlá lẹ́yìn tí èyí tó kọjá bẹ̀rẹ̀. Ẹyin kì í lò ju ọjọ́ kan lọ, ṣùgbọ́n àtọ̀ lè wà láàyè nínú obìnrin fún nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀nà tó ti ọwọ́ Ogino ará Jàpáàní àti Knaus ará Ọ́sítríà wá ní àwọn ọdún 1920 kì í fi oṣù kan ṣoṣo ṣe ìṣirò. Obìnrin á ṣe àkọsílẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, ó kéré tán. Ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni ọjọ́ kìíní; ọjọ́ tó ṣáájú nǹkan oṣù tó tẹ̀ lé e ni ìparí.

Ká ní ohun tí ẹnì kan kọ ni 27, 29, 26, 31, 28 àti 30. Á yọ 18 kúrò nínú èyí tó kúrú jù: 26 − 18 = 8. Á yọ 11 kúrò nínú èyí tó gùn jù: 31 − 11 = 20. Láti ọjọ́ 8 dé ọjọ́ 20 ni kó ṣọ́ra.

Ibí ni àṣà wa ti lè tàn wá. Ọjà ọlọ́jọ́ márùn-ún, ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin ló ń bọ̀, nítorí a máa ń ka ọjọ́ ọjà méjèèjì pọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìtàdógún ṣe jẹ́ ọjọ́ 16. Ẹni tó bá ka nǹkan oṣù báyìí, 26 á di 27, ọjọ́ 8 á di 9, ọjọ́ eléwu kan á sì bọ́ sápá ibi tí kò léwu.

Ṣùgbọ́n bí ìṣirò tilẹ̀ tọ́, oṣù tó ti lọ ni kàlẹ́ńdà mọ̀. Àìsàn tàbí hílàhílo ìdánwò lè sún ọjọ́ ẹyin síwájú tàbí sẹ́yìn. Oògùn Pọ́sítínọ̀ náà lè da ọjọ́ nǹkan oṣù rú. Bí àkọsílẹ̀ ẹlòmíì bá wà láàárín 24 àti 38, ọjọ́ eléwu tirẹ̀ á jẹ́ láti 6 dé 27. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò ní kàlẹ́ńdà tó lè gbára lé.

Lójú tiwa, kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lo kọ́ńdọ̀mù, tàbí kó lọ bá àwọn nọ́ọ̀sì ìfètòsọ́mọbíbí. Bí nǹkan oṣù bá sì pẹ́, kó yẹ ìtọ̀ wò. Kó má kàn tún ọjọ́ kà.