Lẹ́tà sí ẹ̀yin tí ẹ ń kọ rọ́sítà nọ́ọ̀sì

Ẹ̀yin àgbà wa, ẹ̀yin mátíróònù àti ẹ̀yin tí ẹ ń ṣàkóso wọ́ọ̀dù ní ilẹ̀ Okun, láti Kàbà dé Búnú,

Òkè-Bùkún ni mo ti ń kọ̀wé sí yín. Òpin oṣù tún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé. Tó bá di ọjọ́ tó kẹ́yìn, ẹnì kan á lẹ rọ́sítà tuntun mọ́ pátákó, ẹnì kan á yà á ní fọ́tò, á fi ránṣẹ́ sórí Wasáàpù. Ọ̀rọ̀ tó máa ń wà lábẹ́ fọ́tò náà kì í ju “Rọ́sítà ti jáde o” lọ. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó wà níbẹ̀, tí kì í sí níbẹ̀, ló jẹ́ kí n mú báírò. Rọ́sítà tí kò bá sọ bí a ṣe ń pààrọ̀ iṣẹ́ kò tíì parí, torí pé pààrọ̀ kò ní ṣàì wáyé. Ìsìnkú á dé, ọmọ á ṣàìsàn, ọkọ̀ á bà jẹ́ lọ́nà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí ní ilé ìwòsàn kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí. Iṣẹ́ òru ọjọ́ Ẹtì bọ́ sọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n kan tí a jọ wà ní wọ́ọ̀dù, tèmi sì jẹ́ òru ọjọ́ Àìkú. Ọjọ́ Ẹtì yẹn ni wọ́n fẹ́ sin ìyá ọkọ rẹ̀. Ó bá mi níbi tí mo ti ń fọwọ́, ó ní, “Àbúrò mi, bá mi ṣe òru Ẹtì, màá bá ẹ ṣe ti Àìkú.” Mo ní, “Kò burú, mà.” A sọ fún ẹni tó ń ṣàkóso wọ́ọ̀dù, òun náà mi orí. Kò sẹ́ni tó kọ nǹkan kan sílẹ̀.

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, ara ẹnì kan kò yá, wọ́n sì ní láti tún rọ́sítà kọ. Ara ti àtijọ́ ni wọ́n ti dà á kọ. Wọ́n fi èmi dí àlàfo iṣẹ́ àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, orúkọ ẹ̀gbọ́n sì tún wà ní òru bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Bí mo ṣe rí ẹ̀dà tuntun yìí, mo gbà pé wọ́n ti fagi lé pààrọ̀ wa. Ẹ̀gbọ́n ti wà nílé òkú, kò mọ̀ pé ìwé mìíràn ti jáde. Mo ṣe iṣẹ́ àárọ̀ tán, mo gba ilé lọ. Aago mẹ́jọ alẹ́ lù, kò sẹ́ni tó wá gba iṣẹ́.

Nọ́ọ̀sì tó wọlé ní aago méjì ọ̀sán ló dúró títí di aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ kejì, wákàtí 18, òun nìkan. Nígbà tí mo dé láàárọ̀, mo bá a níbi tó ti ń kọ ìfúnpá ìyá kan sínú fáìlì ìyá tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kejì. Òun fúnra rẹ̀ ló rí àṣìṣe náà, ó sì fagi lé e, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Kúẹ́rì kò bá ẹlòmíràn, ẹ̀gbọ́n ló bá, torí orúkọ rẹ̀ ló wà lára ìwé.

Àwa mẹ́ta la jọ gbọ́ nípa pààrọ̀ yẹn, ìwé nìkan ni kò gbọ́. Ibẹ̀ gan-an ni àléébù wà. Ẹ̀dà méjì ń rìn káàkiri, kò sì sí èyí tí ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́ wà lórí rẹ̀. Ẹni tó bá rí fọ́tò ẹ̀dà àtijọ́ rò pé òun ti rí rọ́sítà. Níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń wá tó ń lọ bíi tiwa ní Búnú, fóònù kò ṣeé fi ṣe ojúlówó. Bébà ara pátákó ni kó jẹ́ ojúlówó, kí nọ́ńbà ẹ̀dà àti ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́ wà lókè rẹ̀. Ibẹ̀ ni kí gbogbo àtúnṣe ti bẹ̀rẹ̀, kí a tó ya fọ́tò mìíràn.

Ohun kejì ni wákàtí ìsinmi. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn wa, iṣẹ́ àárọ̀ jẹ́ láti aago mẹ́jọ sí méjì, ti ọ̀sán láti méjì sí mẹ́jọ, ti òru láti mẹ́jọ alẹ́ sí mẹ́jọ àárọ̀. Ní 1977, Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé fi Àbá 157 léde nípa iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ó ní kí ìsinmi tó wà láàárín iṣẹ́ kan sí èkejì má dín sí wákàtí 12, kí òṣìṣẹ́ sì tètè mọ ètò iṣẹ́ rẹ̀ kó lè ráyè ṣètò ilé rẹ̀. Ẹ wá fi ìṣirò yìí wo tiwa. Ẹni tó ṣe ọ̀sán, tó sì wọlé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ní wákàtí 12 gẹ́lẹ́. Ẹni tó ṣe àárọ̀, tó tún wá ṣe òru ọjọ́ kan náà, ní mẹ́fà péré. Bákan náà ni ẹni tó jáde láti òru, tó tún wọlé ní ọ̀sán. Ká ní mo tiẹ̀ mọ̀ pé pààrọ̀ wa ṣì dúró lọ́jọ́ Ẹtì yẹn, wákàtí mẹ́fà péré ni ǹ bá fi sinmi kí n tó wọ òru. Ká ní a kọ pààrọ̀ náà sílẹ̀ ni, ẹni tó ń tún rọ́sítà kọ ì bá ti rí i kó tó fi mí sí àárọ̀.

Ìṣirò yìí náà ló ń fa ìjà lórí gbèsè. Òru kan jẹ́ wákàtí 12, àárọ̀ kan jẹ́ mẹ́fà. Ẹni tó bá gba òru nítorí pé ẹlòmíràn bá a ṣe àárọ̀ ti yá onítọ̀hún ní wákàtí mẹ́fà. Bí a kò bá kọ ọ́ sílẹ̀, ẹni tó jẹ ẹ́ á gbàgbé, ẹni tí wọ́n jẹ kò ní gbàgbé.

Nítorí náà, irú ọ̀rọ̀ tí mo ń bẹ̀ yín pé kó wà lábẹ́ rọ́sítà tuntun nìyí:

“Rọ́sítà oṣù tó ń bọ̀ nìyí, ẹ̀dà kìíní. Èyí tó wà lára pátákó ni ojúlówó. Fọ́tò wà fún wíwò nìkan. Ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ iṣẹ́, kó wá ẹni tó lè ṣe irú iṣẹ́ rẹ̀. Kí àwọn méjèèjì kọ orúkọ, ọjọ́ àti iṣẹ́ wọn sínú ìwé pààrọ̀, kí wọ́n fọwọ́ sí i, ó kéré tán wákàtí 48 ṣáájú iṣẹ́ tó máa kọ́kọ́ dé. Ẹni tó ń ṣàkóso á ka wákàtí ìsinmi àwọn méjèèjì, á fọwọ́ sí i, á sì yí orúkọ padà lára pátákó. Títí orúkọ á fi yí padà, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ ló ni iṣẹ́. Bí pàjáwìrì bá dé, ẹ pe ẹni tó ń ṣàkóso, ẹ má pe ẹlẹgbẹ́ yín nìkan.”

Gbólóhùn “ẹni tó lè ṣe irú iṣẹ́ rẹ̀” ṣe pàtàkì. Bí agbẹ̀bí bá fi òru rẹ̀ fún ẹni tí kò kọ́ ìgbẹ̀bí, orúkọ pé lára ìwé, ṣùgbọ́n ìyá tó ń rọbí kò ní olùrànlọ́wọ́. Ní abúlé, ẹ fi ọ̀rọ̀ ọ̀nà kún un. Ẹni tó ń ti Kàbà wá sí Búnú kò ṣeé fi sí iṣẹ́ ọ̀sán lójijì bí kò bá ní ibi tó máa sùn, torí pé aago mẹ́jọ alẹ́ kì í ṣe àsìkò tí ènìyàn ń wọ ọkadà lójú ọ̀nà wa mọ́.

Mo mọ̀ pé níbi tí òṣìṣẹ́ ti jẹ́ méjì péré, kò sí ìwé pààrọ̀ tó lè dá ìsinmi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ìwé náà bá ń fi hàn lóṣooṣù pé ẹnì kan náà ń ṣe àárọ̀ mọ́ òru, ẹ ó rí nǹkan gbé síwájú ìjọba ìpínlẹ̀ ju ẹ̀bẹ̀ lásán lọ. Lónìí, kò sí ohun tí ẹ lè gbé, torí pé gbogbo rẹ̀ wà lẹ́nu.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí rọ́sítà jáde ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú oṣù, kí ìwé pààrọ̀ máa wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí orúkọ tó wà lára pátákó sì jẹ́ ti ẹni tí aláìsàn máa bá lórí àga tó bá pè ní aago méjì òru.

Èmi ni tiyín,
Nọ́ọ̀sì kan, Òkè-Bùkún