Orúkọ Tí Ẹ Kò Mọ̀ Lórí Rútà Kì Í Ṣe Olè

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi àwòrán ojú rútà yín ránṣẹ́ sí mi mọ́ pé kí n wá bá yín mú olè. Mẹ́ta ni mo ti gbà lóṣù yìí nìkan, ọ̀rọ̀ kan náà sì ni gbogbo wọn. Íńtánẹ́ẹ̀tì ń wọ́ bí ìgbín, ẹni tó ni ín ṣí ojú ewé rútà, ó rí orúkọ kan tí kò mọ̀, ló bá figbe ta: "Wọ́n ń jí wáì-fáì mi lò!" Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á wá máa wo aládùúgbò níwòkuwò.

Àtòkọ yẹn ń sọ ẹni tó wà nínú ilé fún yín ni. Kò sọ ẹni tó jẹ ọbẹ̀ tán. Mo mọ ohun tí mò ń sọ, torí ó ṣẹlẹ̀ nínú ilé tí èmi náà ń gbé.

Àwa mẹ́rin la jọ ń dá owó íńtánẹ́ẹ̀tì ní Mánṣẹ́sítà níbí, orúkọ ẹ̀gbọ́n wa kan ló wà lórí ìwé rẹ̀. Lóṣù tó kọjá, alẹ́ méjì tẹ̀ léra wọn tó jẹ́ pé bó bá ti di aago mẹ́sàn-án, gbogbo nǹkan á dákẹ́. Lọ́jọ́ kejì, Ẹ̀gbọ́n tẹ `192.168.1.1`, wọ́n wọ inú rútà, wọ́n rí ẹ̀rọ 19. A mọ 13. Mẹ́fà ṣẹ́ kù. Kí n tó ti láíbìrì dé, wọ́n ti kọ ọ́ sórí Wọ́ọ̀sáàpù gbogbo ilé sí ọmọbìnrin tó ń gbé nísàlẹ̀, tí kò tíì ju oṣù mẹ́rin lọ tó dé: "Àbúrò, ọ̀sẹ̀ méjì la ní kó o fi lo páásíwọ́ọ̀dù wa, o wá sọ ọ́ di ogún bàbá rẹ." Ọmọ náà ní òun ti ra tòun tipẹ́. Ta ló máa gbà á gbọ́? Àtòkọ kúkú wà níbẹ̀.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Mo ní ká jókòó ti ẹ̀rọ mẹ́fà yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Mẹ́ta nínú wọn kò ní orúkọ rárá, àfi nọ́ńbà gígùn tí rútà ń pè ní `MAC address`. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé láti Áńdíróìdì 10 lọ́dún 2019, àti láti `iOS 14` ti áífóònù lọ́dún 2020, fóònù kì í sábà fún wáì-fáì ní nọ́ńbà tí wọ́n fi ṣe é ní ilé-iṣẹ́ mọ́. Á dá òmíràn ṣe kí wọ́n má baà máa tọ ipasẹ̀ yín kiri. Ẹ wo lẹ́tà tàbí nọ́ńbà kejì: bó bá jẹ́ `2`, `6`, `A` tàbí `E`, nọ́ńbà àdáṣe ni. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tiwa rí bẹ́ẹ̀. A ṣí ibi wáì-fáì lórí fóònù kọ̀ọ̀kan, a fi nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ wé ti rútà. Fóònù wa méjì ló jáde. Ẹnì kan nínú wa ti pa wáì-fáì yìí rẹ́ lórí fóònù rẹ̀, ó sì tún un wọ̀, nọ́ńbà rẹ̀ yí padà, rútà sì ṣì di ti àtijọ́ mú. Ẹni kan ṣoṣo di méjì.

Ẹ̀kẹrin ń jẹ́ `ESP_4C21A7`. Orúkọ yẹn ló dẹ́rù ba Ẹ̀gbọ́n jù, wọ́n ní ó jọ orúkọ yàhúù. ESP ni orúkọ tí ẹ̀yà ara ẹ̀rọ kékeré kan máa ń jẹ́, ilé-iṣẹ́ kan ní Ṣáńgáì ló ń ṣe é, ó sì pọ̀ nínú gílóòbù àti sọ́kẹ́ẹ̀tì tí a ń fi fóònù tàn. Gílóòbù tí Ẹ̀gbọ́n fúnra wọn rà sí yàrá wọn ni. A yọ ọ́, a dúró fún ìṣẹ́jú mélòó kan torí àtòkọ kì í tètè gbàgbé, orúkọ náà sì lọ. Ẹ̀karùn-ún ni kọ̀ǹpútà ibi iṣẹ́ ẹnì kan nínú wa. Ẹ̀kẹfà ni tábúlẹ́ẹ̀tì àtijọ́ kan tó wà lórí ṣájà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Olè mélòó? Òdo.

Kí ló wá ń fa ìwọ́lẹ̀ yẹn? Lálẹ́ ọjọ́ kẹta, ní aago mẹ́sàn-án, mo fi wáyà so kọ̀ǹpútà mi mọ́ rútà, mo tẹ nǹkan méjì:

```
ping 192.168.1.1
ping 8.8.8.8
```

Èkíní ń bi rútà léèrè, èkejì ń bi ẹ̀rọ Gúgù kan tó wà níta. Rútà dáhùn ní `1 ms`, ìyẹn ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá. Ti ìta, tó jẹ́ `14 ms` lọ́sàn-án, ti kọjá `400 ms`. Ó túmọ̀ sí pé ọ̀nà tó ti ilé wa jáde ló dí. Ká ní wáì-fáì ni mo lò, tí rútà fúnra rẹ̀ kò sì tètè dáhùn, ǹ bá ní ògiri ni, tàbí jíjìnnà, tàbí rútà àwọn ará ilé kejì tó ń pín afẹ́fẹ́ pẹ̀lú wa. Àwọn yẹn kò sì ní hàn lórí àtòkọ yín láéláé.

A wá ń pa wáì-fáì ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Bí a ṣe pa ti fóònù Ẹ̀gbọ́n báyìí, `400` di `14`. Wọ́n ti lọ ṣe òwàǹbẹ̀ níbi ìgbéyàwó kan, wọ́n ya fídíò tó tó gígábáìtì 60, fóònù náà sì ń kó o lọ sí ibi ìpamọ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì ní gbogbo alẹ́ tí wọ́n bá ti fi í sórí ṣájà. Mẹ́gábíìtì 36 ni tiwa lè gbà wọlé ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ṣùgbọ́n 9 péré ló lè jáde. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀: gígábáìtì 60 lójú ọ̀nà 9 á gbà tó wákàtí 15. Bí ọ̀nà àbájáde bá sì dí, èyí tó ń wọlé náà á rọ, torí gbogbo ohun tí ẹ ń gbà ló nílò ìdáhùn kékeré tó gbọ́dọ̀ jáde. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní, "Ṣé kò sí àwọn tó ń jí i lò ni?" Wọ́n wà. Bí ìlà yín bá kéré, tí àjèjì sì ń wo fíìmù lórí rẹ̀, ẹ máa mọ̀ ọ́n lára. Ṣùgbọ́n fóònù tó kàn so mọ́ ọn láìṣe nǹkan kan kì í jẹ tó nǹkan. Bí ẹ bá ń fura, ẹ pààrọ̀ páásíwọ́ọ̀dù, kí ẹ tún tẹ `ping` yẹn ní aago kan náà lọ́jọ́ kejì. Bó bá ṣì jẹ́ `400`, kì í ṣe àjèjì ló fà á. Pípààrọ̀ rẹ̀ dára lọ́nàkọnà, torí ohun tí àjèjì bá fi íńtánẹ́ẹ̀tì yín ṣe, orúkọ yín ló wà lórí ìwé. Kò gba pé kí ẹ kọ́kọ́ bú ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀gbọ́n ti yí fóònù wọn kó má máa kó fídíò lọ fúnra rẹ̀ mọ́. Wọ́n sọ̀kalẹ̀, wọ́n kanlẹ̀kùn, wọ́n rọra bẹ ọmọ náà lẹ́nu ọ̀nà. Ó dáa bẹ́ẹ̀, mo sì kí wọn. Ṣùgbọ́n lójú gbogbo ilé ni wọ́n ti pè é lólè, títí di òní, ọ̀rọ̀ yẹn ṣì wà lórí Wọ́ọ̀sáàpù, kò sì sí ìkankan lábẹ́ rẹ̀ tó sọ pé kì í ṣe òun. Mo ti sọ fún wọn, mo sì ń sọ fún ẹ̀yin náà: ibi tí ẹ ti bú èèyàn ni kí ẹ ti bẹ̀ ẹ́.