Éè kì í ṣe E: etí Faransé nínú ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì

Ẹ̀yin ará wa ní Ìfọ̀nyìn, Igolo àti Àjàṣẹ́, àti ẹ̀yin tí ẹ wà ní òdìkejì ààlà, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa tí wọ́n ń sọdá lọ ṣe ìdánwò IELTS ni mo bá wá. Tí èsì bá jáde tí kò dára, gbogbo wa a ní Gẹ̀ẹ́sì wọn ni kò tó. Èmi kò gbà. Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni mí, Faransé ni wọ́n sì fi kọ́ mi níṣẹ́. Ohun tí mo rí ni pé etí Faransé ni àwọn ọmọ náà fi ń gbọ́ lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹ wo apá kìíní ìdánwò ìgbọ́ràn. Èèyàn méjì ń sọ̀rọ̀, bóyá ọ̀kan fẹ́ gba yàrá, èkejì ń bi í ní orúkọ, àdírẹ́sì àti nọ́mbà fóònù. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ni ọmọ ń kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ń gbé e sí i létí. Bí lẹ́tà kan bá ṣì nínú orúkọ tí wọ́n pè ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, òdo ni.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan jókòó tì mí lẹ́yìn tí èsì tirẹ̀ dé. Mo pe orúkọ ìlú etí òkun kan ní Ìlú Ọba fún un, ìyẹn Margate, ní ìpè Gẹ̀ẹ́sì: ẹ́mù, éè, áà, jíì, éè, tíì, íì. Ohun tó kọ ni MEAJETI. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, kò sí èyí tí kò gbọ́ dáadáa níbẹ̀. Éè jọ E tí àwa fi àmì sí lórí ní Faransé, ló bá kọ E, bẹ́ẹ̀ A ni wọ́n ń pè. Áà ni A Faransé, bẹ́ẹ̀ R ni. Jíì ni J tiwa, bẹ́ẹ̀ G ni. Íì ni I tiwa, bẹ́ẹ̀ E ni. Lẹ́tà márùn-ún nínú méje ló ṣì, ọmọ tó sì lè ka ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì láti òkè délẹ̀ ni.

Nítorí náà, kì í ṣe lẹ́tà 26 ló ń dá wọn láàmú. A, E, I, G, J àti R ni, kí a fi W kún un. Dábúlíù ni W, ṣùgbọ́n àwọn kan á kọ U méjì, torí wọ́n ti kọ́ pé dábù ń sọ pé lẹ́tà tó tẹ̀lé e jẹ́ méjì.

Ti nọ́mbà tún yàtọ̀. Nínú Faransé, tí ẹnì kan bá ní suwasáǹtì, ọwọ́ kì í yá láti kọ 6, nítorí ó lè jẹ́ 62, ó sì lè di 72. Etí wa ti kọ́ láti dúró. (Yorùbá náà ń ṣe tirẹ̀: àádọ́rin, ọgọ́rin ni a kọ́kọ́ wò kí a tó yọ mẹ́wàá.) Gẹ̀ẹ́sì kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Nọ́mbà fóònù wa tó di mẹ́wàá pẹ̀lú 01 níwájú láti oṣù kọkànlá 2024, méjì-méjì ni a ń pè é. Tiwọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni: ó, sẹ́fùn, dábù fóò. Ìyẹn ni 0744. Ẹni tó ń retí méjì-méjì á ti sọ nọ́mbà nù kó tó mọ̀.

Máàpù wà ní apá kejì nígbà míì. Wọ́n á ya ọgbà tàbí ọjà, wọ́n á fi lẹ́tà sí àwọn ibẹ̀, ọmọ á wá fi lẹ́tà tó yẹ sí orúkọ ibi kọ̀ọ̀kan. Mo ya ọjà sójú pátákó, mo fi ẹnu ọ̀nà sí òkè, mo ní kí àwọn ọmọ wọlé, kí wọ́n yà sí òsì. Gbogbo wọn nawọ́ sí òsì pátákó. Ẹni tó ń bọ̀ láti òkè wá sísàlẹ̀, ọwọ́ òsì rẹ̀ wà ní ọ̀tún ìwé! Lórí ìwé, ẹ lè yí ìwé náà. Lórí kọ̀ǹpútà, kò ṣeé yí, nítorí náà mo ní kí wọ́n fi ìka sójú ẹnu ọ̀nà, kí wọ́n sì máa rìn ín.

Ìbéèrè 40 ni, máàkì kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó gba 23 ń gba ìpele 6, ẹni tó gba 30 ń gba 7, bó ṣe sábà máa ń rí. Ẹ ṣírò iye tí orúkọ méjì, nọ́mbà fóònù kan àti máàpù kan lè mú lọ.

Ẹ̀bi náà kan àwa olùkọ́. Kíláàsì àkọ́kọ́ ni a ti ń fi A B D Gẹ̀ẹ́sì kọrin, lẹ́yìn náà a kì í padà síbẹ̀ mọ́. Láti oṣù tó kọjá, nígbà tí mo bá ń pe orúkọ ní òwúrọ̀, lẹ́tà-lẹ́tà ni mo ń pè é ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó bá gbọ́ tirẹ̀ ni kó dáhùn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, èèyàn mẹ́rin ló dáhùn.