Orin Márùn-ún fún Ẹni tó ń Fẹ̀yìn Tì

Lẹ́tà ìdágbére tó fi orin márùn-ún tọ́ka sí ọdún iṣẹ́ ẹnì kan sàn ju ìwé ìyìn tó bá gbogbo ènìyàn mu lọ. Òṣìṣẹ́ ọba a máa fẹ̀yìn tì lẹ́yìn ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, tàbí bó bá pé ọmọ 60 ọdún, èyíkéyìí tó bá kọ́kọ́ dé. Kí a mú akọ̀wé kan tó wọṣẹ́ ní Ìkàrẹ́ ní 1989, tí wọ́n gbé lọ sí Ọ̀kà lẹ́yìn náà, tó sì parí iṣẹ́ ní 2024. Orin kan nínú àwo Ace tí Shina Peters gbé jáde ní 1989 ló bá ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ mu. Gongo Aso ti 9ice bá 2008 mu, Orente ti Adekunle Gold sì bá 2015 mu. Orin Lágbájá kan lè dúró fún ọdún ìṣípòpadà sí Ọ̀kà.

Èyí tó gba ìrònú jù ni orin Yínká Ayéfẹ́lẹ́, Bitter Experience, tó jáde lẹ́yìn ìjàǹbá ọkọ̀ tó sọ ọ́ di ẹni tó ń jókòó lórí àga oníkẹ̀kẹ́. Ó yẹ fún ọdún ìṣòro, ṣùgbọ́n bí ẹni náà kì í bá sọ̀rọ̀ ìṣòro ọ̀hún ní gbangba, kí a fi orin mìíràn rọ́pò rẹ̀. Gbólóhùn kan tó lórúkọ ibi iṣẹ́ àti ọdún nínú tó lábẹ́ orin kọ̀ọ̀kan. Kí akọ̀wé lẹ́tà bi àwọn ẹlẹgbẹ́ àtijọ́ léèrè ọdún kó tó kọ ọ́ sílẹ̀.