Ọmọ méjì gba òdo, ohun tó fà á kò jọra

Ẹ̀yin tíṣà tó wà láàárín wa, láti Múṣin dé Yábàá dé Sùúrùlérè, ẹ̀yin ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ lónìí. Ẹ̀yin òbí, ẹ má tíì lọ o, ó kàn yín náà.

Ẹ jẹ́ ká fojú inú wo kíláàsì kẹta kan ní Múṣin. Àwọn ọmọ pọ̀, jẹnẹrétọ̀ ń pariwo lẹ́yìn fèrèsé. Tíṣà ń pe àpèkọ Yorùbá: igbá tí a fi ń bu omi, ìgbà tó jẹ́ àkókò, igba tó jẹ́ 200, àti igbà tí adẹ́mu fi ń gun ọ̀pẹ. Ọmọbìnrin kan kọ "igba" lẹ́ẹ̀mẹrin, kò fi àmì kankan sí i. Ọmọkùnrin tó jókòó tì í kọ "igab" àti "idga", ó fi àmì síbi tí kò yẹ. Tíṣà fún àwọn méjèèjì ní òdo, ó ní olódo ni wọ́n.

Èmi ò gbà. Òdo yẹn kò sọ ohun tí àwọn ọmọ náà mọ̀ fún wa rárá.

Etí ọmọbìnrin yẹn ti ń ṣọyún láti kékeré. Ó ń gbọ́ tíṣà bí ìgbà tí ènìyàn ń sọ̀rọ̀ láti yàrá kejì, torí náà ó ń wo ẹnu tíṣà kó lè rí èyí tí etí kò gbé. Ṣùgbọ́n ọ̀fun ni ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ti ń wá, kì í ṣe ètè. Ẹ dúró níwájú dígí, kí ẹ pe ọ̀rọ̀ mẹ́rin yẹn. Ṣé ẹ rí i? Ètè yín ń ṣe bákan náà ni.

Kí ni tíṣà máa ṣe? Dò re mí tí ẹ ti mọ̀ náà ni, ṣùgbọ́n ẹ fi ọwọ́ ṣe é. Ọwọ́ sí ìbàdí fún dò, sí àyà fún re, sókè orí fún mí. "Igbá" á bẹ̀rẹ̀ láti àyà, á lọ sókè orí. "Ìgbà" á dúró sí ìbàdí lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọ̀rọ̀ náà sínú gbólóhùn: "Ìyá fi igbá bu omi." Ẹ gbé ọmọ náà wá síwájú, ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan kò tó bí ẹ bá ń kọjú sí pátákó sọ̀rọ̀. Ẹ kọ̀wé tán, kí ẹ yíjú padà, kí ẹ tó sọ̀rọ̀. Ẹ má dúró síbi tí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé ti wà lẹ́yìn yín, torí ojú yín á ṣókùnkùn. Ẹ má sì pariwo mọ́ ọn, ariwo máa ń da ìrísí ẹnu rú.

Ti ọmọkùnrin yàtọ̀. Etí rẹ̀ dá ṣáṣá. Ẹ bi í, á sọ ìtumọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, á sì fi ọwọ́ ṣe dò re mí láìṣì. Bó bá di kíkọ àti kíkà ni wàhálà dé. Dìsílẹ́síà ni wọ́n ń pe irú èyí: ọpọlọ kì í tètè so ìró mọ́ lẹ́tà. Kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í ṣe èpè ilé bàbá. Ẹ wo ẹrù tí àpèkọ Yorùbá ń dì lé e lórí: lẹ́tà, àmì ìsàlẹ̀, àmì ohùn, lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ pín ẹrù náà. Kó kọ lẹ́tà nìkan kọ́kọ́, kó wá fi bírò aláwọ̀ mìíràn padà wá fi àmì ohùn sí i. Ẹ fún un ní ọ̀rọ̀ mẹ́rin dípò mẹ́wàá, kí ẹ fi àkókò kún un. Ohùn tó fi ẹnu àti ọwọ́ ṣe dáadáa, ẹ fún un ní máàkì rẹ̀. Ẹ má kàn pè é lójijì pé kó wá kàwé sókè níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀.

Báwo lẹ ṣe máa mọ èyí tó jẹ́ èwo? Ẹ kọ ọ̀rọ̀ mẹ́rin yẹn sí pátákó, kí wọ́n dà á kọ. Ọmọbìnrin á kọ ọ́ pé, tàmìtàmì. Ti ọmọkùnrin á ṣì falẹ̀, á ṣì dàrú. Àmọ́ ìyẹn kì í ṣe àyẹ̀wò dókítà o. Ẹ̀yin òbí, ẹ gbé wọn lọ ẹ̀ka etí, imú àti ọ̀fun ní ilé ìwòsàn ńlá Ìdí-Àràbà. Kí ọmọkùnrin náà ṣe àyẹ̀wò ojú àti etí kí ẹnikẹ́ni tó pè é ní dìsílẹ́síà. A ó gbàdúrà, ṣùgbọ́n ẹ má fi àdúrà dípò àyẹ̀wò.

Gbogbo èyí ní ibi tó mọ. Ọmọ tí kò gbọ́ nǹkan kan rárá, èdè adití ló nílò, irú èyí tí wọ́n fi ń kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ adití Wẹ́sílì ní Sùúrùlérè. Bí kò bá sí ẹni tó gbọ́ èdè náà nínú kíláàsì, ìjókòó lásán ni ọmọ náà jókòó. Òfin àwọn aláàbọ̀ ara tí Ààrẹ Bùhárí fọwọ́ sí ní 2019 sọ pé kí gbogbo ilé-ìwé ìjọba ní, ó kéré tán, ẹnì kan tó kọ́ṣẹ́ bí a ti ń kọ́ irú àwọn ọmọ yìí. Ẹ̀yin òbí, ẹ béèrè ẹni náà lọ́wọ́ ọ̀gá ilé-ìwé nígbà ìpàdé òbí àti tíṣà.

Tíṣà, ẹ pe àpèkọ yẹn lẹ́ẹ̀kejì lọ́sẹ̀ yìí, pẹ̀lú ọwọ́ àti bírò aláwọ̀. Ẹ wá sọ fún mi nísàlẹ̀ níbí ohun tí àwọn tí ẹ ń pè ní olódo kọ.