Owó àjọṣe náà ní èlé tiẹ̀ o!

Ẹ̀yin onílé gàrí, ta ló ní owó ẹni tó bá yín dòwò pọ̀ kò ní èlé? Irọ́ ni!

Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. Ẹ yá ₦2,000,000 ra ẹ̀rọ, èlé ọdún kan jẹ́ 30%. Ẹ dá owó padà pẹ̀lú ₦600,000, ó parí. Olówó tó gba ìpín 40% ńkọ́? Tí èrè bá jẹ́ ₦3,000,000 lọ́dún, ₦1,200,000 ni tiẹ̀, lọ́dọọdún.

Lóòótọ́, tọ́jà bá kú, òun náà á pàdánù. Báǹkì ò ní gbọ́ yẹn. Torí náà, tọ́jà yín bá ti ń tà déédéé, ẹ yáwó. Tí ò bá tíì dá yín lójú, ẹ gba olówó, ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ síwèé pé ẹ lè ra ìpín ẹ̀ padà, àti iye tẹ́ ẹ máa san.