Bẹ́ẹ̀tì Òru Lórí Wáṣáàpù: O Kò Jẹ Ẹnikẹ́ni Ní Gbèsè

Bísímílláhì Ràhmánì Ràhímì. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba gbogbo ẹ̀dá. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Mùhámmádù, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábé rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, ẹ̀yin òbí wa, ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lọ́sẹ̀ yìí kò ní dùn mọ́ gbogbo ènìyàn nínú, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ kà á parí kí ẹ tó bá mi jà.

Báyìí ló ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀. Aago mẹ́wàá alẹ́ ti lù. Ọmọkùnrin kan àti ọmọbìnrin kan ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí Wáṣáàpù láti ìgbà tí wọ́n ti kírun Iṣái. Wọ́n ti béèrè oúnjẹ, wọ́n ti béèrè iṣẹ́, ẹ̀rín ti ń tán. Bí ọ̀rọ̀ bá tán, ó yẹ kí oníkálukú lọ sùn. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wọn kò fẹ́ kí ó tán, ló bá kọ ọ́ pé: "Jẹ́ ká bẹ́ẹ̀tì. Bí o bá gba ìbéèrè mi, màá fi káàdì ₦200 ránṣẹ́ sí ọ. Bí o bá kùnà, wàá pe orúkọ mi nínú fóìsì kí n tó sùn."

Ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n ń pe èyí. Èmi ń sọ pé gbèsè ni. Ìdí tí ó fi ń mú kí ọ̀rọ̀ máa lọ ni pé, lẹ́yìn ìbéèrè kan ṣoṣo, ẹnì kan ti jẹ ẹnì kejì ní nǹkan. Ẹni tí a jẹ ní nǹkan sì ní ẹ̀tọ́ láti padà wá lọ́la.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀kan tí ó dé ọ̀dọ̀ wa. Ọmọbìnrin náà ló fún mi láyè láti sọ ọ́, mo sì ti yọ ohun tí ẹ lè fi dá a mọ̀ kúrò. Iṣẹ́ aránṣọ ló ń kọ́ níbí ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ọmọkùnrin náà ń ta ohun èlò fóònù. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ó bi í rọrùn: ọdún wo ni ogun Ìmàgbọ̀n? Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, ó mọ̀ ọ́n: 1892. Kíá, ₦200 wọlé. Inú rẹ̀ dùn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ẹni tí ó jẹ owó ẹlòmíràn lánàá kò lè sọ lónìí pé òun kò ta mọ́. Ojú yóò tì í.

Ní alẹ́ kejì, ìbéèrè le sí i: ta ló jẹ Awùjalẹ̀ kí Ọba Síkírù Adétọ̀nà tó gun orí ìtẹ́ ní 1960? Kò rántí pé Gbélégbùwà Kejì ni. Ó kùnà, ó sì san fóìsì tí wọ́n jọ fẹnu kò sí.

Ẹ̀ẹ̀kẹta bọ́ sí ọ̀sẹ̀ Iléyá. Ẹ mọ̀ pé ọjọ́ kẹta Iléyá ni a máa ń ṣe Ojúde Ọba. Ọmọkùnrin náà ní kí àwọn bẹ́ẹ̀tì lórí ẹgbẹ́ regbéregbé tí yóò gba ipò kìíní. Ẹ kíyè sí i pé kò sí ìmọ̀ nínú èyí mọ́, àfi kí a máa fojú inú wò ó. Bí ọmọbìnrin bá kùnà, fọ́tò rẹ̀ láìsí ìbòrí ni yóò fi ránṣẹ́. Ó yan ẹgbẹ́ kan, ẹgbẹ́ mìíràn ló gba ipò.

Kò fẹ́ fi fọ́tò náà ránṣẹ́. Láti alẹ́ ọjọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ àkọ́sọ ọmọkùnrin náà di: "O ṣì jẹ mí ní gbèsè o," pẹ̀lú àwòrán ẹ̀rín. Nígbà tí ó pẹ́, ó fi ìrọ̀rùn lọ̀ ọ́: kí wọ́n tún un ta lẹ́ẹ̀kan. Bí ó bá gbà á, gbèsè parẹ́. Bí ó bá kùnà, yóò wá kí òun ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn tí òun bá ti kó ọjà wọlé.

Ìgbà yẹn ni ọmọbìnrin náà wá bá ìyàwó mi. Kò béèrè bóyá tẹ́tẹ́ jẹ́ hàrámù. Ohun tí ó béèrè ni pé: "Ìyá wa, Mùsùlùmí kì í yẹ àdéhùn. Ṣé dandan ni kí n san án?"

Ìbéèrè yẹn ló mú mi kọ èyí. Ẹ̀sìn tí a fi kọ́ ọ pé kí ó máa mú àdéhùn ṣẹ ni wọ́n fẹ́ fi dè é lọ́wọ́ lọ sí ìdí ẹ̀ṣẹ̀.

Ìdáhùn wa ni pé rárá, kò jẹ ẹ́ ní kọ́bọ̀. Nínú ìtàn Bàrírà tí Ìmáàmù Bùhárì gbà wá, Ànábì jẹ́ kí á mọ̀ pé májẹ̀mu tí ó bá tako òfin Ọlọ́hun kò fìdí múlẹ̀, kódà kó jẹ́ ọgọ́rùn-ún májẹ̀mu. Nínú èyí tí a gbà láti ọ̀dọ̀ ìyá wa Àíṣà, ẹni tí ó bá jẹ́ ẹ̀jẹ́ láti ṣẹ Ọlọ́hun kò gbọdọ̀ mú un ṣẹ. Bí ẹ̀jẹ́ tí a bá Ọlọ́hun jẹ́ bá lè wó báyìí, mélòó mélòó ni èyí tí a bá olóhun èlò fóònù ṣe? Ẹni tí ó pàdánù nínú tẹ́tẹ́ kò ní gbèsè lọ́rùn, ẹni tí ó jẹ kò sì ní ẹ̀tọ́ láti sìn ín. A ní kí ó fi ₦200 ọjọ́ kìíní ṣe sàráà, kí ó sì dákẹ́.

Ọmọkùnrin náà ló ní nǹkan láti san. Bùhárì àti Mùsílímù jọ gba hádíìsì kan wá láti ọ̀dọ̀ Àbù Hùráírà. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹni tí ó bá wí fún ẹnì kejì rẹ̀ pé kí ó wá kí àwọn jọ ta tẹ́tẹ́, kí ẹni náà yọ sàráà. Ẹ tún un kà. Wọn kò tíì ta, owó kò tíì kúrò lápò ẹnikẹ́ni. Ìpè lásán ni, síbẹ̀ ìpè yẹn ti ní ìtánràn. Nínú hádíìsì kan náà, ìpè yìí dúró sí ẹ̀gbẹ́ ẹni tí ó fi òrìṣà Láátà àti Ùsáà búra. Nítorí náà, ẹni tí ó kọ "jẹ́ ká bẹ́ẹ̀tì", tí ó sì fi àwòrán ẹ̀rín sí i, kí ó mọ ibi tí ó dúró sí.

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Ẹnì kan yóò ní: "Ústáàsì, kò sí owó níbẹ̀." Èrò wa ni pé ìdí kíọ́ọ̀sì tí gbogbo Nàìjíríà fi orúkọ ilẹ̀ wa pè ní Bàbá Ìjẹ̀bú nìkan ni tẹ́tẹ́ wà. Ohun tí àwọn onímọ̀ ń wò ni pé kí ẹni méjèèjì dúró láàárín èrè àti àdánù, kí èrè ẹnì kan jẹ́ àdánù ẹnì kejì. Ohun tí ń lọ tí ń bọ̀ lè jẹ́ káàdì, ó lè jẹ́ oúnjẹ, ó lè jẹ́ fọ́tò. Kódà nínú èyí tí mo sọ, ẹ wo ohun tí oníkálukú fi lélẹ̀. Ti ọmọkùnrin náà, ó lè rà á padà ní ₦200. Ti ọmọbìnrin náà, bí ó bá ti kúrò nínú fóònù rẹ̀, kò sí ọjà tí yóò ti rà á padà.

Ẹlòmíràn tí ó kéwú díẹ̀ yóò ní: "Ṣebí Àbúbákárì náà bẹ́ẹ̀tì?" Òótọ́ ni. Ó bá àwọn ọ̀ṣẹbọ Mẹ́kà ta á pé àwọn Rúúmù yóò padà ṣẹ́gun, gẹ́gẹ́ bí ìbẹ̀rẹ̀ Súrà Rúúmù ti wí. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀kan lára àwọn ẹ̀gbàwá Tìrìmísì, wọ́n sọ ọ́ kedere pé ó ṣáájú ìgbà tí a ka tẹ́tẹ́ léèwọ̀. Àwọn onímọ̀ bí Ìbínù Táímíyà sì wà tí wọ́n fi ìtàn yìí gba ìdíje ìmọ̀ ẹ̀sìn láyè, n kò ní fi í pamọ́ fún yín. Ẹ̀rí òtítọ́ Àlùkùránì ni Àbúbákárì dúró lé. Ìwọ, fóìsì òru lo dúró lé.

Ẹ̀kẹta ló sún mọ́ òótọ́ jù: "Kò sí ohun tí a fi lélẹ̀. Ìbéèrè lásán ni, a sì ń kọ́ ìmọ̀." Bí kò bá sí ohun tí ẹ fi lélẹ̀, n kò ní pè é ní tẹ́tẹ́. Irọ́ ni màá pa. Ànábì fúnra rẹ̀ bi àwọn sàhábé ní àlọ́ nípa igi tí ewé rẹ̀ kì í wọ́, tí ó dàbí Mùsùlùmí. Ọkàn Àbùdùláì ọmọ Ùmárù sọ pé igi dàbínù ni, ṣùgbọ́n ojú tì í láti sọ̀rọ̀ níwájú àwọn àgbà. Àwa náà mọ àlọ́ àpamọ̀. Ṣùgbọ́n níbo ni wọ́n ti ń pa á? Níwájú àwọn àgbà, lójú agbo, tí ìyá àgbà ń gbọ́.

Nítorí náà, ẹ fi èyí dán ara yín wò. Gbé ìbéèrè rẹ sí ojú agbo ẹbí yín lórí Wáṣáàpù, níbi tí bàbá àti ẹ̀gbọ́n rẹ ti lè dáhùn. Bí adùn rẹ̀ bá ṣì wà, ìmọ̀ ni. Bí adùn rẹ̀ bá tán lójú ẹsẹ̀, a jẹ́ pé ìbéèrè kọ́ ló ń dùn mọ́ ọ. Èmi náà mọ adùn yẹn. Nígbà tí mo wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, mo bi ẹnì kan ní ìbéèrè gírámà Lárúbáwá fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Gírámà kọ́ ni mo ń wá.

Kí wá ni kí ẹni tí ọkàn rẹ̀ fẹ́ ẹnì kan ṣe? Ọlọ́hun kò ní kí ó pa ọ̀rọ̀ náà mọ́ inú. Nínú Súrà Bàkárà, aáyà 235, Ó gbà kí ọkùnrin fi ọ̀nà àbọ̀-ọ̀rọ̀ fi ìfẹ́ ìgbéyàwó hàn sí obìnrin tí ó wà nínú ìdà ikú ọkọ, ṣùgbọ́n Ó kọ àdéhùn ìkọ̀kọ̀, àfi ọ̀rọ̀ dáadáa. Ẹ gbé tiyín lé e: bí ọ̀rọ̀ bá lè dé etí bàbá rẹ̀, sọ ọ́. Àwọn bàbá wa ní alárinà, ẹni kẹta tí ń gbé ọ̀rọ̀ lọ tí ń gbé e bọ̀. Alárinà kì í jẹ́ kí gbèsè ìkọ̀kọ̀ bẹ̀rẹ̀.

Bí wọ́n bá sì ti so yìgì, ẹ máa díje títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Àbù Dáúdà gbà á wá pé Ànábì bá Àíṣà sáré ìje. Àíṣà ló kọ́kọ́ ṣáájú. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, wọ́n tún sá a, Ànábì ṣáájú, ó sì fi ṣe àwàdà fún un pé ti ọjọ́ kìíní ni òun san padà. Gbèsè tí ó dùn ún jẹ nìyẹn, nínú ilé, láìsí ohun tí ẹnikẹ́ni pàdánù.

Ìwọ ọmọbìnrin tí wọ́n ń kọ "o ṣì jẹ mí ní gbèsè" sí lálẹ́ òní, tàbí ìwọ ọmọkùnrin, nítorí àwọn obìnrin náà ń ta á: o kò jẹ ẹnikẹ́ni ní nǹkan. Má ṣe tún un ta kí gbèsè lè parẹ́, nítorí kò sí gbèsè. Yọ sàráà, tọrọ àforíjìn lọ́dọ̀ Ọlọ́hun, kí o sì sọ fún àgbà kan nínú ilé. Ẹ̀yin òbí, bí ó bá sọ fún yín, ẹ má kọ́kọ́ pariwo. Ẹni tí ó ń sìn ín ní gbèsè kì í pariwo mọ́ ọn, ìdí nìyẹn tí ó fi ń gbọ́ tirẹ̀.

Kí Ọlọ́hun ṣọ́ ojú wa, ahọ́n wa àti ìka wa. Àmín. Ọlọ́hun ló mọ̀ jù.